Àkọlé ímeèlì tí ọ̀gá yóò rí ìbéèrè inú rẹ̀ kó tó ṣí i: àkọsílẹ̀ àtúnṣe kan

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni ímeèlì kan ṣoṣo tí alábòójútó ẹ̀ka ìtẹ̀wé kọ sí ọ̀gá àgbà wa láti gba owó bébà. Ìbàdàn ni ilé iṣẹ́ wa wà, ìwé ọmọ iléèwé la ń tẹ̀, Yorùbá la sì fi ń kọ̀wé sí ara wa nínú ilé. Ímeèlì ọ̀hún ti lọ láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èsì kò tíì wọlé, bẹ́ẹ̀ iye owó tí oníbébà wa ní Ṣómólú dá fún wa kò ní kọjá ọjọ́ Ẹtì. Alábòójútó ní kí n bá òun kọ ìránnilétí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èyí tó ti lọ, torí bí ìbéèrè kò bá hàn nínú ímeèlì àkọ́kọ́, ìránnilétí kò ní jẹ́ kó hàn. Yóò kàn fi ímeèlì mìíràn kún èyí tí ọ̀gá kò tíì rí àyè kà ni.

Bó ṣe wà kí a tó fọwọ́ kàn án

Ohun tí wọ́n kọ nìyí:

> Àkọlé: Re: Re: Ọ̀rọ̀ nípa bébà
>
> Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ kú ìṣàkóso, ẹ kú àìsinmi. Mo lérò pé ara yín le, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Olúwa yóò máa fún yín lókun, mà. Bí ẹ bá rántí, nínú ìpàdé oṣù tó kọjá, a sọ̀rọ̀ lórí ìwé kíkà ọlọ́dún kẹta tí a fẹ́ tẹ̀. Bébà tó kù nínú ilé ìkẹ́rù kò lè tó o. Mo ti bá oníbébà wa sọ̀rọ̀, wọ́n ní ọjà ti ń gbówó lórí. Wọ́n ti fi iye owó ránṣẹ́, mo so ó mọ́ ímeèlì yìí. Wọ́n ní iye náà kò ní kọjá ọjọ́ Ẹtì. Mo tún béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tiwọn tún wọ́n ju èyí lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ẹ̀rọ ìgébébà náà ṣì wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá wa wò ó. Ẹ ṣeun, mà.

Yorùbá tó dán mọ́rán ni. Ọmọlúàbí ló kọ ọ́, ìyẹn sì hàn. Ẹni tó bá jókòó tì í, tó kà á látòkè délẹ̀, yóò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀gá wa kò jókòó ti nǹkan kan. Inú ìpàdé pẹ̀lú àwọn olùdarí iléèwé ni wọ́n wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń yọjú wo ímeèlì láàárín ìpàdé kan sí òmíràn. Nítorí náà, mo fi ímeèlì náà ránṣẹ́ sí fóònù tèmi kí n lè rí ohun tí ojú wọn rí. Bó ṣe hàn nìyí:

```
Alábòójútó Ìtẹ̀wé              8:14
Re: Re: Ọ̀rọ̀ nípa bébà
Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ kú ìṣàkóso, ẹ kú
àìsinmi. Mo lérò pé ara yín le, ilé…
```

Gbogbo ohun tí ẹni tí kò tíì ṣí ímeèlì náà mọ̀ nìyẹn. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí ọjọ́, kò sí ohun tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe. Ìlà méjì tó wà lábẹ́ àkọlé yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé, torí ohun èlò ímeèlì ló ń mú wọn jáde fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. Lórí iPhone, ìlà méjì ló máa ń hàn bí ẹ kò bá yí i padà, ẹni tó ni fóònù sì lè sọ ọ́ di márùn-ún tàbí kó pa á rẹ́ pátápátá. Outlook orí kọ̀ǹpútà lè fi ìlà kan sí mẹ́ta hàn. Gmail orí kọ̀ǹpútà kì í fún un ní ìlà tirẹ̀ rárá, ẹ̀gbẹ́ àkọlé ló ń kó ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sí, títí àyè yóò fi tán. Èyí tó wù kí ọ̀gá máa lò, ọ̀rọ̀ tí a bá kọ́kọ́ sọ nìkan ló ní ìdánilójú pé ojú wọn yóò bà á.

Àléébù kejì wà nínú "Re: Re:" yẹn. Alábòójútó kò bẹ̀rẹ̀ ímeèlì tuntun. Wọ́n kàn fèsì sí èyí tí àwọn àti ọ̀gá ti jọ kọ síra lóṣù tó kọjá lórí bébà tó rin omi. Gmail sì máa ń kó irú ìfèsì bẹ́ẹ̀ pọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ẹni tó bá rí i lójú fìrí yóò rò pé bébà tó rin omi la ṣì ń bá fà á. Ọ̀rọ̀ yẹn sì ti parí tipẹ́.

Kí là ń béèrè gan-an?

Kí a tó yí ọ̀rọ̀ kankan padà, mo bi alábòójútó léèrè: "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ kí ọ̀gá fọwọ́ ara wọn ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá kà á tán?"

Wọ́n ní, "Kí wọ́n mọ̀ pé bébà ti ń gbówó lórí ni."

"Bí wọ́n bá mọ̀, tí wọ́n sì pa fóònù wọn dé, ṣé iṣẹ́ ti bùṣe?"

"Rárá o. Kí wọ́n yan èyí tí a máa rà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú oníbébà méjèèjì."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ta lẹ ti yàn?"

"Ti Ṣómólú ni. Òun ló dínwó jù, bébà rẹ̀ kì í sì í lẹ̀ mọ́ra nínú ẹ̀rọ."

"Kí ló wá kù fún ọ̀gá?"

Ẹ̀gbọ́n ronú díẹ̀. "Ẹ̀ka ìṣirò owó kò lè san ohun tó bá ju ₦500,000 lọ láìjẹ́ pé ọ̀gá fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí yẹn ló kù."

Ibí ni àtúnṣe gidi ti ṣẹlẹ̀. Gbolóhùn "ẹ bá wa wò ó" tó wà nísàlẹ̀ ímeèlì àkọ́kọ́ kì í ṣe ìbéèrè, torí ẹni tó bá wò ó ti ṣe ohun tí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ àkọlé tí kò hàn ketekete, inú irú ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń wá: ẹni tó kọ ọ́ kò tíì pinnu ohun tó fẹ́, ó wá gbé gbogbo ìròyìn kalẹ̀ pé kí ọ̀gá bá òun fà á yọ. Bí a bá sọ àkọlé irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ di kúkúrú, kò ní yàtọ̀. A ní láti kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nídìí rẹ̀: ṣé kí wọ́n fọwọ́ sí i ni, kí wọ́n yan ọ̀kan, kí wọ́n wá, kí wọ́n pe ẹnì kan, àbí kí wọ́n kàn mọ̀? Tiwa yìí, kí wọ́n fọwọ́ sí i ni.

Mo tún béèrè nípa ọjọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni iye owó oníbébà máa yí padà, òun náà ni ẹ̀gbọ́n sì kọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì kọ́ ni ọjọ́ ọ̀gá. Lẹ́yìn tí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i, ẹ̀ka ìṣirò owó yóò tẹ ìwé rẹ̀, ẹlòmíràn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á tó fi owó ránṣẹ́, oníbébà náà á sì fẹ́ rí owó nínú àkáǹtì rẹ̀ kó tó gbà pé a ti rà á. Bí èsì bá wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ti bọ́. A ka ọjọ́ padà sẹ́yìn, a rí i pé aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ọwọ́ ọ̀gá gbọ́dọ̀ ti kúrò nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹni tí à ń kọ̀wé sí gbọ́dọ̀ dáhùn ló yẹ kó wà nínú àkọlé. Ọjọ́ tí nǹkan máa bàjẹ́ lè wà nísàlẹ̀, níbi àlàyé.

Àkọlé

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dábàá tiwọn: "PÀTÀKÌ! KÍÁKÍÁ!" Mo ní kí a fi ìyẹn sílẹ̀. Ó sọ pé ara ń kán wa, kò sọ ohun tó ń kán wa lára, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹni tó bá ń wá nǹkan lọ́wọ́ ọ̀gá ló ń kọ "kíákíá". Ọ̀gá tó ti rí mẹ́fà irú rẹ̀ láàárọ̀ kan kò ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni "Ìbéèrè fún ìfọwọ́sí lórí rírà bébà fún títẹ ìwé kíkà ọlọ́dún kẹta". Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa kọ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ níléèwé nìyẹn, kò sì ní àbùkù kankan lórí bébà. Lórí fóònù, ibi tó já sí ni "Ìbéèrè fún ìfọwọ́sí lórí rírà bébà f…". Àwọn ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ ti jẹ àyè tán kó tó kan ọjọ́ tàbí owó. Fóònù tí mo fi dán an wò ń fi nǹkan bíi lẹ́tà márùndínlógójì sí ogójì hàn kó tó gé àkọlé. Bí ẹ bá gbé gbogbo ẹrù yín síwájú ìyẹn, ó ti tó. Èyí tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ fẹ́ kí ó já.

Ẹ kíyè sí i pé kò yẹ ká gbára lé kọ̀ǹpútà láti bá wa ka lẹ́tà Yorùbá. Lẹ́tà tó bá ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn lókè lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ọ̀ tàbí ẹ́, kọ̀ǹpútà kì í ní lẹ́tà odidi kan fún un. Ó ń kọ ọ́ ní ẹyọ méjì, ó sì ń kà á ní méjì. Lójú, àyè lẹ́tà kan ṣoṣo ló gbà. Àkọlé tí a mú níkẹyìn, méjìdínláàádọ́ta ni ojú kà, méjìléláàádọ́ta sì ni kọ̀ǹpútà kà. Nítorí náà, ẹ má torí àyè yọ àmì ohùn kúrò. Ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù ara yín, kí ẹ wo ibi tó gé e sí.

A wá kọ ọ́ báyìí: "Ẹ fọwọ́ sí bébà, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sán: ₦1,040,000". Àtakò méjì ló dé. Ẹ̀gbọ́n ló mú èkíní wá: "Àbúrò, ṣé èmi ni n ó máa pàṣẹ fún ọ̀gá?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. "Ẹ fọwọ́ sí i" láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kéré sí ẹni tó jù ú lọ, ó le létí, kódà pẹ̀lú "ẹ" ọ̀wọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́" lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n a ti pinnu pé inú ọ̀rọ̀ ni a óò fi ìyẹn sí. A lo "bá wa": "Ẹ bá wa fọwọ́ sí…". Ó kúrú, ó sọ àṣẹ di ẹ̀bẹ̀, ó tún sọ pé iṣẹ́ gbogbo wa ni. Mo dúró lórí èyí gidigidi, torí mo ti rí àwọn tó ń fi gbogbo ọ̀wọ̀ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ kọ ọ́ ní kúkúrú, tí ọ̀gá sì ń bi wọ́n léèrè ohun tó bí wọn nínú.

Àtakò kejì ti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́bìnrin tó ń gba àlejò wá. Mo na fóònù sí i, mo ní kó má ṣí i, kó kàn sọ ohun tí wọ́n ń bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n ṣe. Ó ní, "Bébà kan wà tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n buwọ́ lù." Ó rò pé ìwé àdéhùn kan ni. A fi "owó" sí i, ọ̀rọ̀ yanjú:

> Ẹ bá wa fọwọ́ sí owó bébà, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sán: ₦1,040,000

Ọjọ́ la fi ṣáájú owó, tinútinú sì ni. Lórí fóònù tó bá kéré, iye owó lè já, ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe, ohun tó wà fún, àti ìgbà tí a fẹ́ ẹ kò ní já. Iye owó yóò tún fara hàn nínú gbolóhùn àkọ́kọ́, tó wà ní ìlà tó tẹ̀ lé e.

Gbólóhùn àkọ́kọ́, àti ọ̀rọ̀ ìkíni

Èyí ló gba àríyànjiyàn jù. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ kí a gé ìkíni rárá. Wọ́n ní, "Ta ló ń bá àgbà sọ̀rọ̀ láì kí i?" Èmi náà kò fẹ́ kí a gé e dànù. Àwọn tó ń kọ́ni ní ímeèlì kíkọ nílẹ̀ òkèèrè máa ń ní kí ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó ṣáájú ohun gbogbo. Ìlànà lẹ́tà kíkọ àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá, tí wọ́n ń pè ní AR 25-50, fi lélẹ̀ pé kí kókó ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀rẹ̀. Ó bá iṣẹ́ ológun mu. Ní ilé iṣẹ́ wa, ẹni tó bá wọlé tọ ọ̀gá tó kàn ní "owó bébà" kó tó kí wọn, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé kò ní ẹ̀kọ́, wọn kò sì ní gbọ́ ohun tó béèrè.

Bí ẹ bá tún ronú sí i, ẹni tó bá pàdé ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà ìpàdé, tó mọ̀ pé wọ́n ń sáré, kì í béèrè ilé àti ọmọ lọ́wọ́ wọn níbẹ̀. Yóò ní "Ẹ káàárọ̀, mà," yóò sọ tẹnu rẹ̀, ó di ìgbà tí ara bá balẹ̀ kó tó wá béèrè ọmọ. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. "Ẹ káàárọ̀, mà." gba lẹ́tà mẹ́tàlá, ó sì kí wọn tán. Àdúrà, ilé àti ọmọ lọ sísàlẹ̀, ṣáájú orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Kò sí ìkíni kan tó sọnù, àyè wọn nìkan ló yí padà.

Lẹ́yìn ìkíni, gbolóhùn mẹ́ta péré la fi sókè. Ti àkọ́kọ́ sọ ìbéèrè náà ní odidi: iye, ohun tí a fẹ́ rà, àti àkókò. Èkejì sọ ohun tí wọ́n máa kọ bí wọ́n bá gbà, kí wọ́n má baà máa ronú èsì. Ẹ̀kẹta sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí a kò bá gbọ́ nǹkan kan. Gbólóhùn ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí ọ̀gá mọ èyí tó ṣáájú nínú ìbéèrè mẹ́wàá tó wà níwájú wọn. Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ kọ "ìṣòro ńlá lè ṣẹlẹ̀". Mo béèrè pé èló ni ìṣòro náà. Ríìmù kan jẹ́ ₦52,000 báyìí, yóò di ₦58,000 lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì, ogún ríìmù la sì fẹ́. ₦120,000 ni, òun náà la sì kọ.

Iye yìí wà nínú fáìlì tí wọ́n so mọ́ ímeèlì àkọ́kọ́, ibẹ̀ nìkan ló sì wà. Ẹni tó wà nínú ìpàdé kò ní dúró kí fáìlì wálẹ̀ lórí dátà kó lè mọ iye tí à ń béèrè. Ẹ máa so fáìlì mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, àmọ́ kí ìpinnu má sinmi lé ṣíṣí i.

Ní ti ọ̀bẹ ẹ̀rọ ìgébébà, a yọ ọ́ kúrò pátápátá. Bí ìbéèrè méjì bá wà nínú ímeèlì kan, ọ̀gá á dáhùn èyí tó rọrùn, wọ́n á sì gbà pé àwọn ti dáhùn gbogbo rẹ̀. Yóò ní ímeèlì tirẹ̀.

Bó ṣe parí

> Àkọlé: Ẹ bá wa fọwọ́ sí owó bébà, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sán: ₦1,040,000
>
> Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fọwọ́ sí ₦1,040,000 fún ríìmù bébà 20, ìwé kíkà ọlọ́dún kẹta, kó tó di aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Bí ẹ bá gbà, ẹ kàn dáhùn pé "Mo fọwọ́ sí i", ẹ̀ka ìṣirò owó yóò san án lọ́jọ́ náà. Bó bá kọjá ọjọ́ Ẹtì, oníbébà yóò gba ₦1,160,000, ìyẹn ₦120,000 lé.
>
> Ìdí tó fi jẹ́ 20: ìwé náà jẹ́ ojú ewé 96, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹ̀dà la fẹ́ tẹ̀. Abala bébà ńlá kan ń gba ojú ewé 32 tẹ̀yìn tiwájú, nítorí náà ìwé kan gba abala mẹ́ta. Ìyẹn jẹ́ abala 9,000, tàbí ríìmù 18. Méjì tó kù wà fún èyí tó bá bàjẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ.
>
> Ìdí tó fi jẹ́ oníbébà yìí: ẹnìkejì tí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́n jù ú lọ, bébà ti Ṣómólú yìí kì í sì í lẹ̀ mọ́ra nínú ẹ̀rọ. Ìwé iye owó àwọn méjèèjì wà nísàlẹ̀.
>
> Mo lérò pé ilé àti àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà. Ẹ kú ìṣàkóso, mà, Olúwa yóò máa fún yín lókun.

Ìṣirò ríìmù yẹn ti fẹ́ bọ́ sókè nígbà kan, torí inú ẹ̀gbọ́n dùn sí i. Iṣẹ́ ọpọlọ ni lóòótọ́: abala 64 lọ́nà 90 sẹ̀ǹtímítà, ojú ewé A5 mẹ́rìndínlógún lójú kan, mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó wà fún ìgbà tí ọ̀gá bá béèrè pé "kí ló dé tó fi jẹ́ ogún?" Ẹni tí kò bá béèrè lè fọwọ́ sí i láì dé ibẹ̀. Bí mo ṣe ń yẹ irú ímeèlì báyìí wò ni pé mo máa ń fi ọwọ́ bo gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí n wò ó bóyá ọ̀gá ṣì lè dáhùn. Bí kò bá lè dáhùn, nǹkan kan ṣì wà nísàlẹ̀ tó yẹ kó gòkè.

A fi ránṣẹ́ ní kùtùkùtù Ọjọ́rú, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ímeèlì tuntun tí kò ní "Re:" kankan. Lórí fóònù, bó ṣe hàn nìyí:

```
Alábòójútó Ìtẹ̀wé              7:05
Ẹ bá wa fọwọ́ sí owó bébà, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sán…
Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fọwọ́ sí
₦1,040,000 fún ríìmù bébà 20, ìwé kíkà…
```

Èsì wọlé ṣáájú ọ̀sán ọjọ́ náà: "Mo fọwọ́ sí i. Ẹ rí i pé wọ́n fún wa ní rìsíìtì." Wọn kò béèrè ìdí tó fi jẹ́ ogún.

Ibi tí mi ò ti ní lò ó

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló yẹ kó fara hàn nínú àkọlé. Àkọlé máa ń jáde lójú fóònù tí wọ́n tilẹ̀ ti pa, lórí tábìlì ìpàdé, níbi tí ẹni tó jókòó tì wọ́n lè kà á. Owó bébà kò ṣe nǹkan kan. Owó oṣù ẹnì kan, àìsàn òṣìṣẹ́, tàbí ẹjọ́ tó wà nílẹ̀, irú ìyẹn kò gbọ́dọ̀ sí nínú àkọlé tàbí gbolóhùn àkọ́kọ́. Ohun tí mo máa ń kọ fún irú rẹ̀ ni "Ẹ bá mi wá ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó di Ọjọ́bọ̀: ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kan". Ìbéèrè ṣì hàn níbẹ̀, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ń béèrè, àṣírí ẹni ẹlẹ́ni kò sì tú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá kò tíì gbọ́ rí. Gbolóhùn mẹ́ta tó wa níbí, ìdí tó fi tó ni pé wọ́n ti fọwọ́ sí títẹ ìwé náà tẹ́lẹ̀ nínú ìpàdé. Ká ní ìwé tuntun ni a fẹ́ tẹ̀, ìbéèrè owó lórí fóònù ì bá jẹ́ ìyàlẹ́nu fún wọn, ohun tí ẹni tí wọ́n bá já lù lójijì sì sábà máa ń sọ ni rárá. Irú ìyẹn, ẹ pè wọ́n, tàbí kí ẹ lọ bá wọn, kí ímeèlì wá tẹ̀ lé e.

Ohun tó ṣẹ́kù

Bébà dé, ogún ríìmù pé. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ fèsì sórí ímeèlì kan náà láti sọ fún ọ̀gá. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tuntun, torí "Re: Ẹ bá wa fọwọ́ sí owó bébà" yóò dà bí ẹni pé owó mìíràn la tún ń béèrè. A kọ "Bébà ti dé, ríìmù 20: kò sí ohun tí ẹ máa ṣe, mà", a sì so rìsíìtì mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ẹ̀rọ ìgébébà ṣì wà lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ti kọ àkọlé rẹ̀ fúnra wọn: "Ẹ bá wa yan ọ̀kan, ọjọ́ Ajé àárọ̀: pípọ́n ọ̀bẹ tàbí rírà tuntun". A kò tíì fi ránṣẹ́, torí ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ kò tíì sọ iye tí yóò gbà, bẹ́ẹ̀ gbolóhùn ẹ̀kẹta ṣì ṣófo.